Ìlà 669 ti kúrò nínú dátà àwọn aláìsàn wa: èwo la yọ, èwo ló sọnù?

Àbẹ̀kẹ́_Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Dátà àwọn tó wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn mẹ́rin níbí l'Ábújá, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2024, ni mo ń tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní A, B, D àti E. Ìlà 6,240 ló wà nínú fáìlì tí wọ́n gbé fún mi. Nígbà tí mo ṣe é tán, ó ku 5,571. Mo mọ̀ pé mo yọ ìlà òfìfo 84 àti ẹ̀dà 318. Mo wá mú ìlà 20 láìṣojúsàájú nínú fáìlì tuntun, mo wá wọn lọ sínú ti àkọ́kọ́, gbogbo wọn ni mo rí, wọ́n sì bára mu. Síbẹ̀ ọ̀gá mi ní kí n fi dá òun lójú pé a ò sọ ẹnikẹ́ni nù. Ṣé 20 yẹn tó, àbí kí n mú sí i?

Tìjání_Kánò

Àbẹ̀kẹ́, 20 kéré jù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́. Tí fáìlì bá ní ìlà 6,240, yẹ 624 wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ, kó o lọ sinmi.

Arẹ́mọ_Kúbwa

Àbẹ̀kẹ́, ibi tó o ti mú ìlà 20 yẹn ni wàhálà wà. Inú fáìlì tuntun lo ti mú wọn. Ìlà tó wà nínú fáìlì tuntun, ó ti délé nìyẹn, kò sọnù. Darandaran tó fẹ́ mọ̀ bóyá màlúù òun kan ò wálé, tó wá ń yẹ àwọn tó wà nínú ọgbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè yẹ gbogbo wọn wò títí ilẹ̀ fi mọ́, èyí tó wà nígbó kò ní yọjú. Orúkọ àwọn màlúù tó kó jáde láàárọ̀ ló yẹ kó mú lọ́wọ́. Inú fáìlì àkọ́kọ́ ni kó o ti mú ìlà, kó o wá a lọ sínú tuntun.

Èyí tó o ṣe kì í ṣe iṣẹ́ òfo o. Ó fi hàn pé ohun tó wà nínú fáìlì tuntun ní orísun, pé ìtúnṣe rẹ kò hùmọ̀ aláìsàn kankan. Ìbéèrè mìíràn nìyẹn dáhùn, kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ.

Ìṣirò tìrẹ gan-an sì ti sọ̀rọ̀ kó o tó mú ìlà kankan. Láti 6,240 sí 5,571, 669 ló jáde. 84 àti 318 jẹ́ 402. Ó ku 267 tó bá ẹnu ọ̀nà lọ láìsí ẹni tó rí i. Àwọn yẹn ni kó o kọ́kọ́ wá.

Tìjání, ẹ má bínú, ìdá mẹ́wàá yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí a yẹ̀ wò ló ń sọ bí ọkàn wa ṣe lè balẹ̀ tó, kì í ṣe ìdá tó jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ibà wò lára ọmọ ọdún méjì àti lára géńdé, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbà lórí ìka. Ọ̀nà tí àwa ń gbà ṣírò rẹ̀ ni pé kó o pín 3 sí iye tó o yẹ̀ wò, bí o kò bá rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bó o bá mú 20 láti inú fáìlì àkọ́kọ́, tí o rí gbogbo rẹ̀ nínú tuntun, ìlà 15 nínú 100 ṣì lè ti sọnù láìfara hàn ọ́. Bó bá jẹ́ 60, ó di 5 nínú 100. Bó bá jẹ́ 300, ó di 1 nínú 100. Bí fáìlì ní 6,000 ìlà tàbí 600,000, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Dèjì_Jọ́ọ̀sì

Excel ló gé e kúrò! Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020 gan-an nìyí. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, àwọn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní Kòfíìdì kò wọ inú ìròyìn ojoojúmọ́, torí pé fáìlì `.xls` àtijọ́ kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ohun tó bá ti ju ìyẹn lọ, ó já dànù ni. Fi fáìlì rẹ pamọ́ bíi `.csv`, kó o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Arẹ́mọ_Kúbwa

Òótọ́ ni ìtàn yẹn, Dèjì, àmọ́ fáìlì Àbẹ̀kẹ́ kò dé ìdá kan nínú mẹ́wàá 65,536. Kò lè jẹ́ òun. Fáìlì tí àyè ti tán fún, ìdí rẹ̀ ló máa ń gé, gbogbo ohun tó sọnù á jẹ́ ti ìsàlẹ̀. A ò tíì mọ ibi tí ti Àbẹ̀kẹ́ ti sọnù.

Àbẹ̀kẹ́, fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó o má sì jẹ́ kí nọ́ńbà náà kúrò lára rẹ̀ dé òpin. Má lo nọ́ńbà káàdì aláìsàn fún èyí, nítorí káàdì `00457` lè di 457 lójú ọ̀nà, wàá sì rò pé ó sọnù. Tún gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ ṣe bó o ṣe ṣe é tẹ́lẹ̀, kó o wá béèrè àwọn tí kò dé:

```python
ibere["nomba"] = range(1, len(ibere) + 1)
# gbogbo ìgbésẹ̀ ìtúnṣe rẹ wà níbí
sonu = ibere[~ibere["nomba"].isin(mimo["nomba"])]
print(len(sonu), mimo["nomba"].is_unique)
print(sonu.groupby("ile_iwosan", dropna=False).size())
```

Tìjání_Kánò

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti ìdá mẹ́wàá yẹn. Ṣùgbọ́n kí la ń fi `is_unique` ṣe? Bí iye tí a mọ̀ pé a yọ pọ̀ mọ́ iye tó kù bá ti jẹ́ 6,240, ṣé kò ti parí?

Arẹ́mọ_Kúbwa

Kò tíì parí. Mo ti rí fáìlì tí ìṣirò rẹ̀ pé géérégé, tí èèyàn sì sọnù nínú rẹ̀. Wọ́n so dátà pọ̀ mọ́ àkójọ orúkọ ilé ìwòsàn. Orúkọ kan wà nínú àkójọ náà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìlà ilé ìwòsàn yẹn bá di méjì-méjì. Níbi tí àwọn mìíràn ti ń sọnù, àwọn ìbejì ayédèrú yìí ń dí àyè wọn, iye náà sì dà bí èyí tó pé. Bí nọ́ńbà kan bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú fáìlì tuntun, `is_unique` á sọ fún ọ.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná

Ẹ kú àsọyé. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kò mọ̀ nípa kóòdù, ọ̀rọ̀ ìbejì tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí ló mú mi dá sí i. Nígbà tí mo gbé àwọn ìbejì mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kan, Táyéwò nìkan la rí nínú kọ̀ǹpútà nígbà tá a padà lọ. Wọ́n ní Kẹ́hìndé kò wá rí. Mo gbé àwọn méjèèjì lọ lọ́jọ́ kan náà, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gún un. Wọ́n fẹ́ tún un gún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dùn mí gan-an. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, káàdì kan ni odindi ìdílé máa ń lò, ìyá á gbé ọmọ mẹ́ta wá lábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹ̀dà yàtọ̀ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí?

Àbẹ̀kẹ́_Lugbe

Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣe é lálẹ́ àná. `is_unique` jẹ́ `True`, àwọn tó jáde sì jẹ́ 669. Ohun tó jáde nìyí:

```
A      112
B       95
B       36
D      289
E       53
NaN     84
```

84 tó wà nísàlẹ̀ ni ìlà òfìfo. Ṣùgbọ́n B jáde lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ ìdí rẹ̀. D sì pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín já mi láyà. Nọ́ńbà káàdì àti ọjọ́ nìkan ni mo fi ń mọ ẹ̀dà.

Arẹ́mọ_Kúbwa

B kejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé àyè òfìfo wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ojú ò lè rí i, kọ̀ǹpútà rí i. Báwo lo ṣe ya ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, báwo lo sì ṣe ka ọjọ́ ti D? Lẹ ìlà méjì mẹ́ta nínú ọjọ́ tó sọnù fún wa, ọjọ́ nìkan o.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lẹ orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí àìsàn ẹnikẹ́ni síbí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ọjọ́ àti iye tó.

Àbẹ̀kẹ́_Lugbe

Mo gbọ́, ẹ ṣé. Mo ń ya ti ilé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, mo ń tún un ṣe, lẹ́yìn náà ni mo tò wọ́n pọ̀:

```python
d = ibere[ibere["ile_iwosan"] == "D"]
d["ojo"] = pd.to_datetime(d["ojo"], errors="coerce")
d = d.dropna(subset=["ojo"])
```

Nínú 289 ti D, 58 jẹ́ ẹ̀dà tí mo yọ. 231 tó kù, ọjọ́ wọn rí báyìí: 15/01/2024, 27/02/2024, 19/03/2024. Ìlà àkọ́kọ́ pátápátá nínú D ni 02/01/2024. Mo sì wò ó báyìí, òótọ́ ni, àyè òfìfo wà lẹ́yìn "B" nínú gbogbo ìlà 36 náà. Akọ̀wé kan ṣoṣo ló tẹ gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Arẹ́mọ_Kúbwa

O ti rí i. Ìlà 36 yẹn kò wọ inú ilé ìwòsàn kankan nígbà tó o pín wọn, torí "B" àti "B" tó ní àyè lẹ́yìn kì í ṣe ohun kan náà. Lo `.str.strip()` kó o tó pín in.

Wo ọjọ́ D dáadáa. Ǹjẹ́ o rí ọjọ́ kankan tó kéré sí 13 nínú 231 yẹn? Kò ní sí. Láti `pandas` 2.0 tó jáde lọ́dún 2023, ó máa ń wo ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá pàdé, á sì fi mọ bí àwọn yòókù ṣe rí. Ó rí 02/01/2024, ó kà á bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́, oṣù ṣíwájú ọjọ́. Nígbà tó dé 15/01, kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. `errors="coerce"` sọ ọ́ di òfìfo láìpariwo, `dropna` wá gbá a dànù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ 13 sókè ni gbogbo rẹ̀ ti lọ. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, ọjọ́ 55 nínú 91 ló bọ́ sí abala náà. Ilé ìwòsàn D pàdánù èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn aláìsàn rẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ́ kù nínú D kò yè bọ́ o. 05/01 ti di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. 11/03 ti di ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá. Wá inú fáìlì tuntun rẹ bóyá ẹnì kan gba ìtọ́jú ní oṣù kọkànlá 2024 nínú dátà tó parí ní oṣù kẹta. Àwọn yẹn kò sọnù nínú iye, àmọ́ bí ẹ bá kà wọ́n lóṣooṣù, wọ́n ti sọnù nìyẹn. Kọ `format="%d/%m/%Y"` fún D, kó o sì ka àwọn tó di òfìfo kó o tó yọ wọ́n.

Dèjì_Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mi tí `pandas` rẹ̀ ti pẹ́, kò sí èyí tó sọnù. Ó ka 15/01 dáadáa.

Arẹ́mọ_Kúbwa

Bẹ́ẹ̀ ni, ti àtijọ́ ń wo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó ka 15/01 dáadáa, ó sì yí 05/01 padà sí oṣù karùn-ún nínú fáìlì kan náà. Ìyẹn tún burú ní tirẹ̀, torí iye á pé, kò ní sí ohun tó máa ta ẹnikẹ́ni lólobó.

Tìjání, ẹ wo ìlà 36 ti B yẹn. Kò tó 1 nínú 100. Ẹ lè mú ìlà 60 láti inú fáìlì àkọ́kọ́ kí ẹ má pàdé ọ̀kan nínú wọn. Kódà gbogbo 267 yẹn, bí Àbẹ̀kẹ́ bá mú 20 péré láti ibi tó yẹ, nínú ìgbà 10, ó tó ìgbà 4 tí kò ní pàdé ọ̀kan ṣoṣo. Ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà tán, ẹ jẹ́ kó kà á tán. Ibi tí ojú èèyàn ti gbọ́dọ̀ wò ni kí ẹ ti mú díẹ̀ yẹ̀ wò, ẹ̀dà 318 yẹn sì wà lára rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, mú 60 nínú wọn, kó o fi ìlà tó o yọ àti èyí tó o fi sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó o kà á bí ìgbà tó o ń ka lẹ́tà.

Àbẹ̀kẹ́_Lugbe

Mo rí wọn ní oṣù kọkànlá, mo tún rí ní oṣù kejìlá. Gbogbo 160 tó kù nínú D ló ti ṣí kúrò ní ọjọ́ wọn, àfi àwọn bíi 02/02 tí ọjọ́ àti oṣù wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Mo ti tún un kà, 231 ti padà, 36 ti padà.

Mo mú 60 nínú ẹ̀dà. Méje kì í ṣe ẹ̀dà. Mo bá jókòó ti gbogbo 318, mo rí 41. Èyí tó kọ́kọ́ mú mi dákẹ́ jẹ́ ìlà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn: káàdì kan náà, ọjọ́ kan náà, oṣù mẹ́sàn-án ni ọjọ́ orí àwọn méjèèjì. Orúkọ wọn nìkan ló yàtọ̀, Hassana àti Hussaina. Ìbejì ni wọ́n, bí Táyé àti Kẹ́hìndé wa. Mo yọ Hussaina kúrò, Ìyá Ìbejì. Mo ti dá a padà.

29 nínú 41 náà jẹ́ ọmọ ìyá kan tó wá lọ́jọ́ kan náà. 12 yòókù jẹ́ ẹnì kan náà tó wá láàárọ̀, tí wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, tó sì padà wá lọ́sàn-án gba oògùn. Ṣé ìbẹ̀wò kan ni, àbí méjì?

Tìjání_Kánò

Kan ni. Aláìsàn kan, àìsàn kan, ọjọ́ kan.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná

Ọlọ́run á san yín lẹ́san, Àbẹ̀kẹ́. Ní tèmi, méjì ni 12 yẹn. Bí ó bá padà wá, mo tún máa ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, mo tún máa ń wọn ìfúnpá rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni mo ṣe.

Arẹ́mọ_Kúbwa

N kò lè dá ẹjọ́ yẹn láti ibí. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn náà bí wọ́n ṣe ka irú wọn nínú fọ́ọ̀mù àròpọ̀ oṣooṣù tí wọ́n ń tẹ̀ sínú DHIS2. Bí wọ́n ṣe kà á níbẹ̀ ni kí ìwọ náà kà á, kí iye méjèèjì lè ṣeé fi wéra. Ṣùgbọ́n má pa 12 náà rẹ́. Fi àmì sára wọn.

Ó ku ohun kan. Fáìlì tí wọ́n gbé fún ọ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Rẹ́jísítà tí nọ́ọ̀sì fi bírò kọ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, lọ sí D, mú 60 nínú ìwé yẹn, wá wọn lọ sínú fáìlì. Má kàn ṣí ìwé náà bó ṣe wù ọ́, torí ojú ìwé tí ọwọ́ ti máa ń kàn ló máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣa ojú ìwé àti ìlà fún ọ kó o tó kúrò nílé.

Àbẹ̀kẹ́_Lugbe

Ọ̀gá mi fún mi láyè, mo dé D lónìí. Ojú ìwé 19 ni oṣù mẹ́ta náà gbà nínú rẹ́jísítà, ìlà 25 lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣa 60 sílẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Mo rí 58 nínú fáìlì. Mi ò rí méjì: ojú ìwé 6 ìlà 25, àti ojú ìwé 14 ìlà 25.

Mo béèrè bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní iná kì í dúró níbẹ̀, akọ̀wé wọn bá fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó lọ tẹ̀ ẹ́ nílé. Ó fi fótò ojú ìwé 6 hàn mí. Àtàǹpàkò rẹ̀ tó fi di ìwé mú wà lórí ìlà tó kẹ́yìn.

Fáìlì wà ní 5,867 báyìí, láìka 12 tí a ò tíì yanjú. Lọ́jọ́bọ̀ mo ń padà lọ wo ìlà 25 ní ojú ìwé 17 tó kù.

Arẹ́mọ_Kúbwa

Mú fóònù ìwọ náà lọ, kó o ya ìsàlẹ̀ ojú ìwé nìkan. Bá wa béèrè bóyá ọ̀nà kan náà ni A, B àti E ń gbà tẹ tiwọn.